Bí Agogo, Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti Kóńgà Ṣe Ń Wọnú Ara Wọn Nínú Ìlù Kóńkóló

Tí agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti kóńgà bá ń dún pọ̀, tí ìlù náà ò sì gbé èèyàn dìde, kì í sábà jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan nínú wọn ò dáa. Ohun tó máa ń fà á ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń du ibì kan náà. Kóńgà ń lu ohun tí agogo ti lù tán, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé agogo, kò wá sẹ́ni tó dúró ti ẹsẹ̀ oníjó. Ìlù tó jinlẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé olúkúlùkù mọ ibi tí òun ò gbọdọ̀ lù.

Ìlù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká tò látìbẹ̀rẹ̀ dópin níbí, ìyẹn kóńkóló aláàyè méjìlá. Mo yàn án torí pé inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ohun èlò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti hàn sójútáyé jù lọ. Kì í sì ṣe àdàpọ̀ tí mo fúnra mi dá sílẹ̀. Ní Kúbà, àwọn àtọmọdọ́mọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí ní ẹgbẹ́ ìlù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gúírò: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, irin kan tó ń ṣe iṣẹ́ agogo, àti kóńgà. Kúbà náà ni kóńgà ti gba ìrísí tó ní lónìí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tó wọ háíláìfù, tó wọ jùjú, tó sì wọ áfúróbíìtì. Bí a bá fẹ́ fi èèyàn mẹ́ta péré lu ìlù tó kún, àdàpọ̀ yìí tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹsẹ̀ àti ẹnu

Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun, ẹ dìde dúró. Ìyípo kóńkóló kan ní ààyè méjìlá tí gígùn wọn dọ́gba. A pín àwọn ààyè náà sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, mẹ́ta mẹ́ta, ẹsẹ̀ sì ń balẹ̀ níbi tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ ń balẹ̀ ní ààyè 1, 4, 7 àti 10. Ẹ gbé mẹ́tírónóòmù orí fóònù yín sí 60, kí ẹ máa gbẹ́sẹ̀ ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì lójú ibi tó bá ti dún. Lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa kà á jẹ́ẹ́jẹ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ení, èjì, ẹ̀ta. Ní ìyára yìí, ìyípo kan á gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ó lè dà bíi pé ó falẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń fara hàn. Bí ìlù bá ti yára, àṣìṣe á sá pamọ́ sínú ariwo.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti dúró fúnra rẹ̀, ẹ fi ẹnu sọ ohun tí agogo máa lù: kóń, kóń, kóló, kóń, kóló. Kóń kọ̀ọ̀kan gba ààyè méjì. Nínú kóló, kó gba ààyè kan, ló gba méjì. Ẹ ò ní láti há nọ́ńbà kankan sórí bí ẹnu yín bá ti sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ wa lè yéra, ibi tí wọ́n bọ́ sí nìyí: kóń méjì àkọ́kọ́ wà ní ààyè 1 àti 3, kóló àkọ́kọ́ wà ní 5 àti 6, kóń kẹta wà ní 8, kóló tó gbẹ̀yìn sì wà ní 10 àti 11.

Ẹ wá wo bí ẹnu àti ẹsẹ̀ ṣe pàdé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n pàdé nínú ìyípo kan: ní ààyè 1, àti ní ààyè 10 tí kó ti kóló ìkẹyìn bọ́ sí. Ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹta balẹ̀ síbi tí ẹnu ti dákẹ́. Gbogbo adùn kóńkóló wà nínú ẹsẹ̀ méjì tó balẹ̀ láìsí agogo yìí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣìnà ni pé ìlù mẹ́ta àkọ́kọ́, ní ààyè 1, 3 àti 5, jìnnà síra bákan náà, ààyè méjì méjì. Etí á gbọ́ wọn, á gbà pé àwọn ni ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ ní 1, 3, 5, 7, 9 àti 11. Kò sóhun tó máa dún bíi pé ó bàjẹ́ lẹ́nu yín, ṣùgbọ́n ìlù ti di òmíràn. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ni kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yín balẹ̀ láàárín kóń àkọ́kọ́ àti kóń àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e. Mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹsẹ̀ ti lọ bá agogo nìyẹn. Ẹ má gbìyànjú láti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo. Òpin rẹ̀ ni kí ẹ dì mú: ẹ rí i pé kó ìkẹyìn àti ẹsẹ̀ kẹrin jọ balẹ̀, kóń àkọ́kọ́ àti ẹsẹ̀ kìíní jọ balẹ̀, kí ẹ máa tún ibi kékeré yìí sọ títí tó fi mọ́ yín lára. Ìyókù á to ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: agogo

Iṣẹ́ agogo ni kó máa sọ gbólóhùn kan náà láìyí i padà, kí gbogbo ẹni tó kù lè máa fi í mọ ibi tí wọ́n wà. Torí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù lọ ni mo máa ń fẹ́ kó di agogo mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ò yẹ níbẹ̀, torí ọwọ́ tó yá máa ń fẹ́ fi nǹkan kún un.

Bó bá jẹ́ agogo ẹlẹ́nu méjì, ẹ lu kóńkóló náà lórí ẹnu kékeré, kí ẹ wá fi kóń àkọ́kọ́ nìkan sórí ẹnu ńlá. Ohùn ìsàlẹ̀ kan yẹn á jẹ́ kí àwọn yòókù mọ ibi tí ìyípo ti bẹ̀rẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Igi ni kí ẹ fi lù ú, kì í ṣe irin, torí igi kì í jẹ́ kó hó gooro jù. Ẹ̀gbẹ́ igi náà ni kó kan agogo, nítòsí etí ẹnu rẹ̀. Kí ọwọ́ tó dì í mú má ṣe bo ara agogo: ọrùn rẹ̀, tàbí ibi tí ẹnu méjèèjì ti so pọ̀, ni kí ẹ gbá mú.

Ewu tó wà nídìí agogo ni kóló tó tẹ́. Kúkúrú àti gígùn ni kóló, ààyè kan lẹ́yìn náà méjì. Bó bá ti ń rẹ ọwọ́, tàbí tí ìyára bá ń lọ sókè, kó àti ló á bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gba. Ló á pẹ́ kó tó dé, ìlù á sì di onígun mẹ́rin bíi ti àwọn ológun. Ẹni tó ń lù ú kì í tètè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sí ọkàn, torí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti kóńgà ló máa tú àṣírí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀

Ẹsẹ̀ tí agogo ò fi ìlù gbè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ́ kí a gbọ́ ọ. Nínú ọ̀wọ́ mẹ́ta mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, ó ń dún lórí ààyè kìíní àti ìkẹta: ṣẹ̀, dákẹ́, kẹ̀; ṣẹ̀, dákẹ́, kẹ̀. Nínú ìyípo kan, á dún ní 1 àti 3, 4 àti 6, 7 àti 9, 10 àti 12. Ó dà bíi pé ó rọrùn, òun sì ni mo rí i pé ó ń ba ìlù jẹ́ jù lọ, torí pé ìlẹ̀kẹ̀ kì í bá ọwọ́ rìn.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn igbá mú, àtẹ́lẹwọ́ òsì gbé ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá gbé igbá náà lọ síhà òsì, àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ á bá a lọ, ṣùgbọ́n ìró gidi kì í jáde nígbà tí igbá ń lọ. Ìgbà tí igbá bá dúró lójijì ni ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tíì dúró á wá gbá ara igbá. Ohun tí etí ń gbọ́ ni ìdúró yẹn. Nítorí náà, ọwọ́ ní láti kúrò ní ààyè rẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀, kí igbá lè dúró nígbà tí ẹsẹ̀ ń balẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá dúró de ẹsẹ̀ kó tó ju igbá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á máa pẹ́ títí ayé, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ le tó.

Ẹ jẹ́ kí ìrìn igbá náà kúrú. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tó. Jíju igbá káàkiri dára lójú èrò nígbà tí ìlù bá ti gbóná, ṣùgbọ́n bí ìrìn bá ṣe gùn tó ni ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ tún wo àwọ̀n náà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka fà á, ó yẹ kó kúrò lára igbá díẹ̀. Àwọ̀n tó le gan-an kì í jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ rí ààyè gbá igbá, ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín. Èyí tó tú jù á máa dún lẹ́ẹ̀mejì fún ìlù kan: ìró á dé, ìyókù ìlẹ̀kẹ̀ á wá rọ̀jò tẹ̀ lé e. Fún kóńkóló, èyí tó le díẹ̀ ni mo fẹ́ràn, torí ó ń jẹ́ kí ààyè àárín, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ dákẹ́ sí, dákẹ́ lóòótọ́.

Ohùn ìsàlẹ̀ wà nínú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá gbá ìdí igbá, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dún bùù jáde láti ẹnu rẹ̀ lókè, bí wọ́n bá gé ẹnu náà sílẹ̀, tí ọwọ́ tó di ọrùn ò sì bò ó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ lo bùù yìí nínú ìyípo, ní ààyè 1, pẹ̀lú kóń àkọ́kọ́ agogo. Bí ọwọ́ bá ń yún yín láti fi sórí ẹsẹ̀ kẹta náà, ẹ mú sùúrù. Kóńgà ló ni ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kóńgà

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí agogo dákẹ́ sí: ààyè 2, 4, 7, 9 àti 12. Mẹ́rin nínú àwọn ààyè márùn-ún yìí ni a máa fún kóńgà, a óò sì fi ààyè 2 sílẹ̀ lófìfo. Ohùn mẹ́ta ló nílò. Àkọ́kọ́ ni gúm, ohùn tó ṣí sílẹ̀: ìka mẹ́rin lẹ̀ mọ́ra, wọ́n balẹ̀ sí etí awọ, ìdí ìka wà lórí etí ìlù, ọwọ́ sì ta padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èkejì ni bùù, odindi àtẹ́lẹwọ́ ní àárín awọ, kó kúrò kíá. Ẹ̀kẹta ni pá: ibi kan náà pẹ̀lú gúm, ṣùgbọ́n ìka tú díẹ̀, ó ká díẹ̀, orí ìka ló ń já lu awọ. Gúm ní ohùn tí èèyàn lè fi ẹnu gbè, pá ò ní. Bí pá yín bá ṣì ń kọrin, tí ọwọ́ sì ń dùn yín, ìka yín le jù. Ẹ tú u.

Bí ẹ bá jókòó lu kóńgà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ tàbí kí ẹ gbé e sórí ohun tó máa jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìdí yẹn ni bùù ń gbà jáde. Bó bá jókòó pẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó lu àárín awọ títí, kò ní sóhùn.

Ní báyìí, ọwọ́ méjèèjì á máa pààrọ̀ lórí gbogbo ààyè méjìlá, ọ̀tún lórí 1, òsì lórí 2, ọ̀tún lórí 3, bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìfọwọ́kan lásán, kí ọwọ́ lè máa ka ààyè. Ẹni tó dúró ní mítà mẹ́ta ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ààyè mẹ́rin péré ni ohùn ti jáde: pá ní 4 pẹ̀lú ọwọ́ òsì, bùù ní 7 pẹ̀lú ọ̀tún, gúm ní 9 pẹ̀lú ọ̀tún, gúm ní 12 pẹ̀lú òsì. Bí ọwọ́ òsì yín ò bá tíì mọ pá lù, ẹ fi òsì bẹ̀rẹ̀ ìyípo, gbogbo rẹ̀ á yí padà, pá á bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jókòó nìyí. Nínú ìlà kóńgà, P ni pá, B ni bùù, G ni gúm:

```
Ààyè      1  2  3 | 4  5  6 | 7  8  9 | 10 11 12
Agogo     x  .  x | .  x  x | .  x  . | x  x  .
Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀   x  .  x | x  .  x | x  .  x | x  .  x
Kóńgà     .  .  . | P  .  . | B  .  G | .  .  G
```

Ẹ fi ojú bá a lọ láti òkè sísàlẹ̀. Agogo àti kóńgà ò pàdé rárá. Gbogbo ibi tí kóńgà ti dún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń gbè é. Ní ààyè 5, 8 àti 11, tó jẹ́ àárín ọ̀wọ́, agogo nìkan ló dá dún, ìdí sì nìyẹn tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ dákẹ́ níbẹ̀ pátápátá. Bùù méjì ló wà: ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní ààyè 1, ti kóńgà ní ààyè 7, ìdajì ìyípo gééré ló wà láàárín wọn. Ààyè 2 nìkan ni ẹnikẹ́ni ò kàn. Ibẹ̀ ni ìlù ti ń mí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pípa wọ́n pọ̀

Agogo ni kó bẹ̀rẹ̀, ó dá wà fún ìyípo mẹ́rin. Láàárín ìyípo mẹ́rin yìí, àwọn méjì yòókù ń gbẹ́sẹ̀, wọn ò lu nǹkan kan. Ó ṣe pàtàkì kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ ní tòótọ́, torí bí ẹnikẹ́ni bá wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́fà dípò mẹ́rin, kò ní sí ohun tó máa mú un padà. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á wá wọlé ní ààyè 1 pẹ̀lú bùù rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì lọ fún ìyípo mẹ́rin míì. Kóńgà kì í wọlé ní ààyè 1. Gúm ti ààyè 12 ló fi ń wọlé, ìyẹn ló ń ti ìlù wọ ìyípo tuntun, yóò wá dákẹ́ títí di pá ní ààyè 4. Ẹni tó bá ti lè dákẹ́ láàárín gúm yẹn àti pá yẹn láìgbọ̀n, ó ti mọ ìlù náà.

Ẹ jẹ́ kí alágogo dúró láàárín, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti kóńgà lè gbọ́ ọ dọ́gba. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta síwájú yín, kí ẹ gba ohùn yín sílẹ̀. Etí ẹni tó ń lùlù kì í sọ òótọ́ fún un nípa bí ohùn ṣe pọ̀ sí, torí ohun èlò tirẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù. Nínú ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀, ó yẹ kí ẹ lè fi ẹnu gbè agogo láìṣe wàhálà, kí ẹ gbọ́ gúm méjèèjì bíi pé ẹnì kan ń dá agogo lóhùn, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ wọn láìbo ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun, ìrìn igbá náà ti gùn jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ẹnì kọ̀ọ̀kan kúrò fún ìyípo mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ tó dá a padà. Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá jáde, agogo àti kóńgà á dún bíi pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, kò gbọdọ̀ sí ìyàtọ̀ nínú ìyára. Bó bá yára sí i, ẹni méjèèjì ti gbára lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dípò ẹsẹ̀ ara wọn. Bí agogo bá jáde, ẹ gbọ́ bóyá gúm ààyè 9 ṣì ń wá ṣáájú ẹsẹ̀ kẹrin. Ọ̀pọ̀ akóńgà á jẹ́ kó bọ́ sórí ẹsẹ̀ náà gan-an nígbà tí agogo ò bá sí, tí agogo bá sì padà, wọ́n á jọ kọlura ní ààyè 10.

Bí a ṣe ń mọ ẹni tó ṣì

Nítorí pé olúkúlùkù ní ààyè tirẹ̀, ìkọlù ara ẹni ló ń sọ ibi tí àṣìṣe wà, ẹ ò sì ní láti máa fẹ̀sùn kan ara yín. Mo sọ lókè pé kóló máa ń tẹ́. Ibi méjì ni ẹ ti máa gbọ́ ọ. Nínú kóló àkọ́kọ́, ló bọ́ sí ààyè 6, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà sì wà ní ààyè 6. Bí ẹ bá gbọ́ ìró méjì tó sún mọ́ra níbẹ̀ dípò ẹyọ kan, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣáájú agogo, kóló ti tẹ́. Nínú kóló ìkẹyìn, ló bọ́ sí 11, gúm kóńgà sì bọ́ sí 12. Bí ló bá ń pẹ́, yóò máa rìn lọ síbi gúm títí àwọn méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ibi méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀, agogo ló ni ín. Ṣùgbọ́n bí ààyè 6 bá mọ́, tó jẹ́ òpin ìyípo nìkan ló dàrú, ẹ wo kóńgà: gúm rẹ̀ ló ń yára.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí gúm ààyè 9. Agogo ń dún kóń ní 8, gúm sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e bí ìdáhùn. Bí ẹ bá ń gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kóńgà ò jẹ́ kí agogo sọ̀rọ̀ tán. Fún pá, ẹsẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Pá àti ẹsẹ̀ kejì gbọ́dọ̀ jọ balẹ̀ nígbà gbogbo, kódà ẹnì kan tó kàn ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè sọ fún yín bó bá ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ fi 60 lù ú títí ẹ ó fi lè gba ìyípo ogún sílẹ̀ láìgbọ́ ìkọlù kankan. Ìgbà náà ni kí ẹ tó wá máa gòkè, kí ẹ máa fi mẹ́rin mẹ́rin kún un. Láàárín 100 sí 120 ni ara oníjó ti máa ń gbà á dáadáa. Bí ẹ bá ń lọ sókè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ pé òun ò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Ẹ tún din ìrìn igbá kù, kí ẹ má fi agbára kún un.

Ẹni tó lè yà kúrò lójú ọ̀nà

Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti di ara wọn mú, kóńgà nìkan ló láṣẹ láti yí nǹkan padà. Èyí tó kéré jù lọ tó sì múná jù lọ nínú àwọn àyípadà náà ni kó fi gúm sí ààyè 2 lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo mẹ́rin. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ti ń dún, gbogbo etí á gbé sókè. Nínú ìyípo kan náà, ẹ lè sọ bùù ààyè 7 di gúm, kí ó wá di gúm ní 2, pá ní 4, gúm ní 7, 9 àti 12. Ọwọ́ ò yí padà, ohùn nìkan ló yí. Ìyípo tó tẹ̀ lé e, ẹ padà sílé. Bí ẹ bá ń kún ààyè 2 ní gbogbo ìyípo, agbára rẹ̀ ti tán, ìlù ò sì ní rí ibi mí mọ́. Ohunkóhun tí kóńgà bá fẹ́ sọ, kó má fọwọ́ kan pá ààyè 4, torí agogo ò sí níbẹ̀ láti ran oníjó lọ́wọ́.

Bí agogo fúnra rẹ̀ bá yàtọ̀, kóńgà ní láti tún ara rẹ̀ tò. Ní Kúbà, èyí tí wọ́n sábà máa ń lù nínú bẹ̀ḿbẹ́, ìyẹn àríyá ìlù tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òrìṣà, fi ààyè kan sún ìlù ìkẹyìn síwájú: ó bọ́ sí 12 dípò 11. Bí ẹ bá gbé e wọlé láìsọ fún akóńgà, gúm rẹ̀ tó wà ní 12 á bọ́ sórí agogo, ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹ gbé gúm náà padà sí 11, kí ẹ fi 4, 7 àti 9 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ọwọ́ ọ̀tún ló máa bọ́ sí báyìí, torí náà gúm 9 àti gúm 11 á wá jẹ́ ọwọ́ kan náà, ohùn wọn á sì túbọ̀ jọra. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò sí ní ààyè 11, nítorí náà kóńgà á dá dúró níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń gbè é. Ó yẹ kí ọwọ́ yín mọ ààyè yẹn dáadáa kí ẹ tó gbìyànjú ẹ̀.

Dídá ìlù dúró

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jọ dúró ní ààyè 1, akóńgà ló sì ń pe òpin. Nínú ìyípo tó ṣáájú ìkẹyìn, kó lu gúm ní 10, 11 àti 12 tẹ̀ léra. Kò tíì lu 10 rí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí náà agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á mọ̀ pé ìpè ni. Wọ́n á lu odindi ìyípo kan sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń lù ú, kóńgà á tún pe 10, 11, 12 nínú rẹ̀, gbogbo wọn á sì balẹ̀ ní 1: kóń lórí ẹnu ńlá agogo, bùù lórí kóńgà, àtẹ́lẹwọ́ sí ìdí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, kí alágogo fi ìka gbá ẹnu irin mú kó má hó mọ́, kí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àwọ̀n mọ́ ara igbá, torí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á ṣì máa rọ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti dákẹ́.